Sòkòtò Ojúde Ọba

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá Ṣadé kọ́kọ́ rí i. Ó ń wúkọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ni nǹkan kan bá yọ níbi tí itan ọ̀tún rẹ̀ ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Nígbà tó dùbúlẹ̀ lálẹ́, ó wọlé padà. Ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀, ta ni yóò pè é ní àìsàn?

Bó bá gbé pákó, á yọ. Bó bá fẹ́ sùn, á fọwọ́ tì í wọlé. Kò dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọ sòkòtò sùn, ó sì ń pa iná kó tó bọ́ṣọ. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti lẹ́nìkan níta. Ìyá Ṣadé fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí o, kò rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìtìjú ni, ká má purọ́. Ìpá là ń pè é, a sì ń fi bú ènìyàn. Wọ́n ní omi àgbọn ló ń fà á, bẹ́ẹ̀ Bàbá Ṣadé ò fẹnu kan omi àgbọn láti kékeré nítorí ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀. Ó tún ti gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin mọ́. Ó wá ra àgbo ní Òkè-Ajé. Alágbo kàn bi í pé, "Ṣé ti jẹ̀díjẹ̀dí ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń mu ún títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ ló ń yà, kókó náà ń tóbi lọ ní tiẹ̀.

Aṣọ ẹgbẹ́ ló tú u fó. Regbéregbé wa ti mú aṣọ fún Ojúde Ọba, gbogbo wa sì ń lọ wọ̀n ara wa lọ́dọ̀ bàbá télọ̀ kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ìwé lọ́dọọdún. Bàbá wọn ìbàdí rẹ̀, kò yí padà. Ó wọn itan òsì, kò yí padà. Nígbà tó kan ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí ọmọ iṣẹ́ òun lọ ra òwú wá.

"Bàbá Ṣadé, ẹsẹ̀ kan kì í dá sanra."

Kò fèsì.

"Ṣé ó ṣì ń wọlé?"

"Ó ń wọlé, Bàbá."

Bàbá tọ́ka sí agbádá kan tó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó ni ín náà máa ń sọ pé ó ń wọlé. Lóru ọjọ́ kan, kò wọlé mọ́. Ikùn rẹ̀ le, ó ń bì, ilẹ̀ ò sì mọ́ bá a. Àwọn ẹbí ò wá gba aṣọ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ṣadé dùbúlẹ̀, ó tì í. Kò lọ. Ó tún tì í. Ó tan iná, ó jí ìyàwó rẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà tí wọ́n bá lọ́sibítù ìjọba láàárọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, "Bàbá, ṣé ẹ ti bì? Ìgbà wo lẹ só kẹ́yìn?" Ojú ti ọkùnrin náà ju ti gbogbo oṣù tó kọjá lọ, àmọ́ ìbéèrè gidi ni: ẹni tó ṣì ń só, ọ̀nà ìfun rẹ̀ ò tíì dí. Dókítà ṣàlàyé pé ògiri ikùn ló ya, ìfun sì ń gba ibẹ̀ yọ. Bí ihò náà bá fún ìfun mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, ìfun á sì kú láàárín wákàtí díẹ̀.

"Àgbo tí mo mu ńkọ́?"

"Bí àpò gaàrí bá ya, ṣé àgbo lẹ máa dà sí i ni, àbí ẹ máa rán an?"

Ó béèrè ìyókù náà, ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Dókítà ní iṣẹ́ ọkùnrin rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ìyá Ṣadé ló dáhùn "Àmín."

Wọn ò jẹ́ kó padà sílé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Wọ́n dá ìfun padà, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì kan tì í, wọ́n rán an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di èèwọ̀ láti gbé pákó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀gá rẹ̀ kùn díẹ̀, ó sì fi í sídìí ìwé owó.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò bá wa jó dé iwájú Awùjalẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ló jókòó sí nínú aṣọ ẹgbẹ́, sòkòtò rẹ̀ tí Bàbá télọ̀ ti dín kù bá a mu wẹ́kú. Kí a tó tú ká, méjì nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa ti lọ bá a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fà á sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí dókítà obìnrin yẹn máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́.