Láìfù aṣọ òkírìkà ní Ìjẹ̀bú-Òde: ọ̀rọ̀ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láti ìkíni dé àṣekágbá

KÍ KÁMẸ́RÀ TÓ TÀN

Aṣọ 14 ti wà lórí háńgà bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra. Téépù wà lọ́rùn olùtà. Gílóòbù funfun ni kẹ́ ẹ tàn, kó sì wà níwájú, má jẹ̀ẹ́ kó wà lẹ́yìn. Gílóòbù pupa máa ń sọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun di pupa rúsúrúsú, ẹni tó bá sì rà á á ní wọ́n tan òun jẹ. Fóònù kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka kọ́mẹ́ǹtì: òun ló ń kọ orúkọ, nọ́ńbà aṣọ àti aago tó wọlé sínú ìwé.

ÌBẸ̀RẸ̀ (agogo 8 alẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré)

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin àǹtí àti bùrọ̀dá. Ìjẹ̀bú, ọmọ olówó ìṣẹ̀ǹbáyé, mo kí yín. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè, aṣọ yín wà níbẹ̀, ẹ má lọ.

Ẹ bá mi kọ ìlú yín síbẹ̀, kí n mọ ibi tí wébíìlì ń lọ lọ́la. Bí ohùn mi bá ń já, ẹ kọ "ohùn" kí n sún mọ́ fóònù.

(Dákẹ́ díẹ̀. Ka ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde, kí o sì kí wọn.)

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ìyẹn kì í ṣe tiwa. Èyí tí ẹ máa fi gba àlejò, tí ẹ máa fi padà síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ máa fi ṣeré nínú ilé, òun la kó wá lálẹ́ yìí. Fáàsì gíréèdì ni gbogbo rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì wà. Bí ẹnìkan bá ti gbà á, ó tán nìyẹn.

Báyìí la ṣe ń rà á. Bí mo bá pe nọ́ńbà aṣọ, ẹ kọ "gba" pẹ̀lú nọ́ńbà náà: gba 1, gba 2. Ẹ má kọ "mo fẹ́ dúdú yẹn", dúdú pọ̀. Ẹni tí kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé ló ni ín. Ẹ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti sanwó. Bó bá kọjá, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé yín. Nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú ọ̀rọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ òkè. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ sanwó sí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ àkáǹtì mìíràn sínú kọ́mẹ́ǹtì kì í ṣe ara wa. Bí owó bá sì ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ìgbà tó bá wọ àkáǹtì wa la tó di aṣọ. Àwòrán rìsíìtì nìkan kò tó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí: àléébù tó bá wà lára aṣọ, ẹnu mi lẹ máa ti gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó kọ "gba". Àléébù tí n kò bá sọ, tí ẹ bá bá a nílé, ẹ ya fídíò rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tó bá dé ọwọ́ yín, owó yín á padà.

ÀWỌN ỌJÀ

Nọ́ńbà 1. (Gbé e sókè, yí i padà, kí gbogbo ènìyàn rí ẹ̀yìn.) Jíńsì obìnrin, búlúù tó ṣú. Ẹ wo téépù: mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìbàdí jẹ́ íǹṣì 16, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 32. Láti àárín ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀, íǹṣì 29. Láti ìdodo dé abẹ́, íǹṣì 11, ìyẹn ni pé ó ga, ikùn wà nínú rẹ̀. Òwú 98 nínú ọgọ́rùn-ún, 2 jẹ́ rọ́bà, nítorí náà ó ń fà díẹ̀. Ẹni tó bá wọ 33 lè wọ̀ ọ́. Ẹni 35, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, sípì á já.

(Mú un sún mọ́ kámẹ́rà. Fi gílóòbù sẹ́yìn àárín itan.) Ibi tí jíńsì ti kọ́kọ́ ń gbó nìyí, àárín itan, nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń fara gbo ara wọn níbẹ̀. Bí iná bá ń yọ kọjá tó dà bí asẹ́, ó ti fẹ́ ya. Ẹ wò ó: iná kò yọ. Sípì: mo fà á sókè, mo fà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò há. Bọ́tìnnì irin, kò mì. Àléébù: ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ òsì ti yọ òwú díẹ̀, kò tó íǹṣì kan. Télọ̀ á ran án ní ìṣẹ́jú márùn-ún. ₦6,500. Ẹ kọ "gba 1".

(Kà á jáde: "gba 1 ti wọlé, àǹtí, ẹ ṣeun, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n." Tẹ̀ síwájú, má dúró.)

Nọ́ńbà 2. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti ọkùnrin, ọrùn íǹṣì 15 ààbọ̀, àyà íǹṣì 44, òwú ògidì. Lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun, abẹ́ apá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. (Ṣí abẹ́ apá méjèèjì.) Ó mọ́. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ìyeyè níbẹ̀ lára aṣọ yín nílé, ẹ má da jíìkì sí i, ó máa ń mú kó túbọ̀ yeyè ni. Àléébù: bọ́tìnnì kejì láti ìsàlẹ̀, a ti pààrọ̀ rẹ̀, ó funfun ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Bí ẹ bá ki ṣẹ́ẹ̀tì sínú ṣòkòtò, kò ní hàn. ₦3,500.

Nọ́ńbà 3. Gáùn iṣẹ́, àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó ní láníìnì nínú. Lébẹ́ẹ̀lì sọ pé 14 ti Ìlú Ọba. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi lébẹ́ẹ̀lì ra aṣọ. Aṣọ Ìlú Ọba 14, aṣọ Amẹ́ríkà ni wọ́n máa kọ 10 sí, ti Yúróòpù á jẹ́ 42, ara kan náà ni. Èyí tún ti fọ ní omi gbígbóná níbi tó ti wá, ó ti sún kì. Téépù ló ń sọ òtítọ́: àyà, íǹṣì 19 ààbọ̀ ní títẹ́, ìyẹn 39. Ìbàdí 34. Gígùn láti èjìká, íǹṣì 41, ó kọjá orúnkún. Kẹ́ ẹ wọn àyà yín báyìí, kẹ́ ẹ fi íǹṣì méjì lé e kẹ́ ẹ lè mí. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 37 ló bá mu jù. Àléébù: òwú kan fà jáde lẹ́yìn, nítòsí sípì. Ẹ má gé e. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á wọnú. ₦7,000.

Nọ́ńbà 4 ni ọ̀gá wọn lálẹ́ yìí. (Fara balẹ̀. Má sáré.) Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, dúdú, ti ọkùnrin, àyà 42. Awọ gidi ni, mo sì máa fi hàn yín. Awọ ayédèrú jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ rọ́bà náà, a sì máa bó bí ìpẹ́: kọ́là ló kọ́kọ́ ń bó, lẹ́yìn náà ìgúnpá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tó dára lónìí, tí á sì bó láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ wo kọ́là èyí, mo ń tẹ̀ ẹ́: ó wú, ó rọ̀, kò là. Ẹ wo inú rẹ̀ níbi ìránṣọ àpò: ó ní irun wúlẹ̀wúlẹ̀, kò ní aṣọ híhun. Ihò ara awọ náà kò dọ́gba, èyí kéré, èyí tóbi. Ti ayédèrú a máa dọ́gba látòkè délẹ̀. Àléébù: láníìnì ti ya níbi abẹ́ apá ọ̀tún, íǹṣì mẹ́ta. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe inú oòrùn. ₦14,000. Ẹ lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tún padà wá kọ "gba 4".

Bí wọ́n bá béèrè iye jálẹ̀: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ kan, iye tí mo pè ni jálẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá mú mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ nǹkan dídùn lópin." Má bá ènìyàn nájà nínú kọ́mẹ́ǹtì, ẹni tó ti san odidi owó ń wo yín.

Nọ́ńbà 5, àkójọ ti ọmọdé: tíṣẹ́ẹ̀tì méjì, níkà méjì, gáùn kan. Lébẹ́ẹ̀lì sọ pé 110. Gíga ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni nọ́ńbà yẹn; ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni. Mo fa rọ́bà ìbàdí níkà méjèèjì lójú yín, ó padà sípò. Rọ́bà tó bá ti kú máa ń dún ṣáṣá, kì í padà. Márààrún, ₦7,500.

Nọ́ńbà 6 sí 14, tọ́ọ̀pù obìnrin, ₦2,000 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. (Ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, téépù lórí àyà, àléébù, nọ́ńbà. Nọ́ńbà 9 ní àbàwọ́n epo kékeré ní ìsàlẹ̀, 11 kò ní bọ́tìnnì òkè. Sọ méjèèjì kí o tó pe iye.)

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: a ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ èyí tó ṣe é fọ̀, a sì ti sá wọn sóòrùn, jákẹ́ẹ̀tì nìkan la nù. Síbẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Bí òórùn káńfọ̀ béèlì bá ṣẹ́kù, ẹ da ife fínígà kan sínú garawa omi, ẹ rẹ aṣọ sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ ṣan án. Ẹ má pò fínígà pọ̀ mọ́ jíìkì láé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń pani lára.

(Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já: padà wọlé lórí àkáǹtì kan náà, tún nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Má gba "gba" tó wọlé nígbà tí ojú ò ríra.)

ÀṢEKÁGBÁ (ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn)

Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá mú mẹ́ta kí n tó pa láìfù yìí, dẹlífárì nínú Ìjẹ̀bú-Òde di ọ̀fẹ́. Ọ̀kadà á gbé e wá lọ́la kí agogo méjì tó lù. Ṣágámù àti gbogbo Rẹ́mọ, mo yọ ₦1,000 kúrò nínú àpapọ̀ owó aṣọ yín. Ẹ̀yin lẹ máa fún dírẹ́bà lówó wébíìlì ní gáréèjì, ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, kó má baà gbé ẹrù yín padà.

(Gbé àwọn tó kù sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ ìtàn. Nọ́ńbà, téépù, iye, ó parí.)

Ẹ̀yin tí ìṣẹ́jú yín ti fẹ́ pé, mo ń ka orúkọ yín báyìí. Ẹ san án, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé ẹ kò ṣe mọ́. Kò burú, ẹlòmíràn ń dúró. Mo ní ìwé lọ́wọ́, èyí tó bá bọ́, mo máa pè é lójú gbogbo yín.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ti mú méjì, ẹ̀kẹta ló kù kí dẹlífárì di ọ̀fẹ́, tọ́ọ̀pù ₦2,000 sì wà ńlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì. Ìpè ìkẹyìn fún èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ mi: ẹ kọ "gba", ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ ìlú.

Mo ti pa iye. Ẹ kú ìnáwó, owó ò ní tán lápò yín. Bàtà ọmọdé ló ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo 8 kan náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ìwé, ẹ fi pẹ́ńsù yà á, ẹ wọn gígùn rẹ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà.

(Má tíì pa á. Ka àkọsílẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i: orúkọ, nọ́ńbà, iye, ìlú. Lẹ́yìn náà ni kí o pa kámẹ́rà.)