Lẹ́tà ìdágbére sí Tíṣà wa

Ẹ káàárọ̀ o, Ma.

Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì lẹ máa kó lọ sí Ṣakí. Inú mi ò dùn rárá. Nígbà tí gbogbo kíláàsì ń pè mí ní olódo, ẹ̀yin lẹ fi kóró àgbálùmọ̀ kọ́ mi ní ìṣirò. Ẹ ní kí n pín kóró 12 sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀kan bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ sì kúnlẹ̀ bá mi wá a. Ó ṣì wà nínú báàgì mi. (Pàṣán ọjọ́ tí mo pẹ́ dé dùn mí o, àmọ́ mo ti gbàgbé.) Màámi ní kí n kó gàrí yìí fún yín. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án lọ́nà.

Ó dàbọ̀ o, Ma.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, Kíláàsì Karùn-ún