Ìlànà Ìjáde Pàjáwìrì fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Wa ní Ọ̀fà

Ìlànà yìí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́ kìíní. Ó kan gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà tí ewu bá dé: akẹ́kọ̀ọ́ 412, olùkọ́ 23, àwọn òṣìṣẹ́ 9 mìíràn, òbí tó wá bèèrè ọmọ rẹ̀, àti káfíńtà tó wá tún àga ṣe. Ẹ̀dà kan yóò wà lára ògiri kíláàsì kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní ibi tí ojú ọmọ tó kéré jù lọ yóò tó o, àwòrán ọgbà tó ń fi ọ̀nà ìjáde kíláàsì náà hàn yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí a ó jáde, àti ìgbà tí a kò ní jáde

A ó jáde bí iná bá ṣẹ́, bí òórùn gáàsì bá ń jáde láti ilé ìdáná tàbí láti láàbù, bí ògiri tàbí òpó ilé kan bá là, àti bí ìjì bá ti ká òrùlé ilé kan tí ewu sì wà pé ìyókù lè já lulẹ̀.

Nígbà tí ìjì fúnra rẹ̀ bá ń jà lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní àgbègbè wa nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré jáde, nítorí páànù tó ń fò àti mànàmáná léwu ju inú kíláàsì lọ. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri inú, kí wọ́n sì dúró de agogo.

Ìlànà yìí kò wà fún ìkọlù àwọn tó di ìhámọ́ra. Ètò ti ìyẹn, tí í ṣe títi ilẹ̀kùn mọ́ra ẹni àti dídákẹ́, wà nínú ìwé mìíràn lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà, àmì rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ọmọ jáde sí gbangba nígbà tí ó yẹ kí ó fi wọ́n pamọ́.

Àmì ìjáde

Àmì wa ni irin wíìlì tó rọ̀ síwájú ọ́fíìsì. A máa ń lù ú níye fún ìyípadà iṣẹ́ àti fún ìsinmi, ṣùgbọ́n bí a bá ń lù ú láìdánu dúró fún odindi ìṣẹ́jú 1, tí àwọn olùkọ́ sì ń fọn fèrè, ìjáde ni. A kò gbójú lé agogo oníná mànàmáná, nítorí pé ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pa bí iná bá ṣẹ́ ni iná mànàmáná fúnra rẹ̀, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ọjọ́ tí kò sí iná rárá.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ewu ni yóò lu irin náà, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí lánàá. Kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ wá olùkọ́ tí yóò gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wá hàn pé èéfín ààtàn aládùúgbò ni ó rí, a ò ní bá a wí, nítorí pé ọmọ tí a bá nà lónìí nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ yóò dákẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá jẹ́ òótọ́.

Jíjáde láti inú ilé

Bí irin bá ti dún, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dìde, kí wọ́n fi báàgì, ìwé àti bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tò lẹ́yìn olórí kíláàsì wọn. Olórí kíláàsì ni yóò ṣáájú, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lọ́wọ́ ni yóò gbẹ̀yìn, yóò mú rẹ́jísítà dání, yóò sì pa ilẹ̀kùn dé láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí èéfín má baà tètè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ó rìn kíákíá, a kò ní sáré, a kò sì ní pariwo, nítorí pé ohùn olùkọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó nílò ìtọ́jú jù, nítorí pé àtẹ̀gùn 2 péré ni ó ní, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì 3 tó wà lápá ìlà-oòrùn yóò gba àtẹ̀gùn ìlà-oòrùn, 3 yòókù yóò gba ti ìwọ̀-oòrùn. Wọn yóò máa rìn ní méjì-méjì lápá ọ̀tún, kí ọ̀nà lè wà fún ẹni tó bá nílò láti gòkè. Bí èéfín bá ti gba àtẹ̀gùn kan, olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ rí i yóò na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò sì darí gbogbo wọn sí èkejì. Nínú èéfín, kí a fi orúnkún rìn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà nísàlẹ̀.

Kí olùkọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí ó bá gbóná, kò gbọdọ̀ ṣí i. Kí ó fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó kó àwọn ọmọ sí ojú fèrèsé, kí ó sì máa fọn fèrè ní mẹ́ta-mẹ́ta títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tí iná bá ràn mọ́ láṣọ kò gbọdọ̀ sáré; kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bo ojú, kí ó sì máa yí gbirigbiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọ̀pá rìn, tàbí tí kò ríran dáadáa, kò ní máa kẹ́kọ̀ọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí tábìlì àkókò iṣẹ́ bá gbé kíláàsì rẹ̀ lọ sókè, kíláàsì ni a ó yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ 2 tó lágbára, tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ni yóò máa ràn án lọ́wọ́.

Ojúṣe

Ọ̀gá Àgbà ni olùdarí. Bí kò bá sí nílé, igbákejì rẹ̀ ni. Bí àwọn méjèèjì kò bá sí, olùkọ́ tó ń ṣe àbójútó ọ̀sẹ̀ náà ni. Ẹni kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ, yóò sì wọ ẹ̀wù olómi ọsàn kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀.

Akọ̀wé yóò pe 112, yóò sì pe ilé-iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ lórí nọ́ńbà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì. Yóò sọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àdúgbò, ohun tó ń jó, àti bóyá ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Máígádì yóò ṣí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì géètì, yóò kó ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dúró síbẹ̀ láti júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ panápaná. Olùtọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá yóò pa á, yóò sì já iná ọgbà ní orísun rẹ̀. Alásè yóò ti sílíńdà gáàsì. Bí òórùn bá ti kún inú ilé ìdáná, kò gbọdọ̀ tan iná tàbí pa á níbẹ̀, kí ó jáde ni. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò ṣe bákan náà ní láàbù. Olùkọ́ ìmọ̀ ìlera yóò gbé àpótí oògùn. Ẹni tí iná jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí a fi sí ojú ibi tó jó fún ìṣẹ́jú 20. A kò gbọdọ̀ fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún.

Àwọn olùkọ́ 4 tí a ti kọ́ ní lílo agolo apaná nìkan ló lè gbìyànjú láti pa iná, bí irin bá ti dún, bí iná náà kò bá ju garawa ìdọ̀tí lọ, tí ẹnu-ọ̀nà sì wà lẹ́yìn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní pa iná.

Ibùdó ìpéjọ

Ibùdó Kìíní ni orí pápá bọ́ọ̀lù, ní àríwá ìlà-oòrùn ọgbà, tó jìn tó mítà 70 sí ilé tó súnmọ́ ọn jù lọ. Ibùdó Kejì ni ilẹ̀ gbalasa tó wà lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. A mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sí ìhà tó kọjú síra. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà pápá bọ́ọ̀lù ni èéfín kì í dé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná igbó sì pọ̀ jù. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó sì lè gbé èéfín lọ sórí pápá. Ibùdó Kìíní ni a ó máa lọ, àfi bí olùdarí bá gbé àsíá pupa sókè, tí yóò túmọ̀ sí pé ká kọrí sí Ibùdó Kejì. Olùkọ́ kankan kò ní dá èyí pinnu fúnra rẹ̀, kí ìdajì ilé-ẹ̀kọ́ má baà wà níbìkan, kí ìdajì sì wà níbòmíràn.

A mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán mú, a sì mọ̀ pé ọkàn àwọn ọmọ yóò fà sí abẹ́ igi máńgòrò. Abẹ́ igi náà kò sí lára ibùdó. Ó súnmọ́ ilé ìdáná jù, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ti gbẹ. Kò sí olùkọ́ tí yóò máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí Ibùdó Kejì mọ́, ibi tí ọkọ̀ yóò máa wà ni ẹ̀yìn ọ́fíìsì.

Kíkà

Kíkà ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò yìí, nítorí pé bí iye bá kù, ẹnì kan yóò fẹ́ padà wọlé lọ wá a. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò dúró ní ìlà tirẹ̀, níwájú òpó tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Olùkọ́ yóò pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà, kì í ṣe pé kí ó ka orí lásán, nítorí pé orí lè pé kó jẹ́ ọmọ kíláàsì mìíràn ló dì í. Bí wọ́n bá pé, yóò na káàdì funfun. Bí ẹnì kan bá kù, yóò na káàdì pupa, yóò sì sọ orúkọ ẹni náà àti ibi tí a ti rí i kẹ́yìn fún olùdarí.

Àwọn tó máa ń dà iye rú ni akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, ẹni tí a rán níṣẹ́, ẹni tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti àwọn tó lọ kí ìrun ní ọjọ́ Jímọ̀. Nítorí náà, máígádì yóò ní ìwé ìwọlé àti ìjáde tí gbogbo ẹni tó bá gba géètì kọjá lẹ́yìn àpéjọ òwúrọ̀ yóò wà nínú rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ibùdó kí a tó máa wá ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó bá rán ọmọ níṣẹ́ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sórí pátákó. Ẹni tí irin bá bá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní padà sí kíláàsì, kí ó lọ tààrà sí ìlà rẹ̀ ní ibùdó.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà wọlé, ì báà ṣe fóònù, ì báà ṣe owó, ì báà ṣe ìwé ìdánwò, títí tí olórí àwọn panápaná yóò fi sọ fún olùdarí pé ó yá. Òbí kò ní fa ọmọ rẹ̀ jáde lójú ìlà. Lẹ́yìn kíkà, olùkọ́ kíláàsì yóò fà á lé e lọ́wọ́, yóò sì gba ìfọwọ́sí.

Ìdánrawò

A ó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èkíní yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà, a ó sì kéde rẹ̀. Èkejì yóò wà láìkéde; nínú ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gá Àgbà àti igbákejì rẹ̀ nìkan ni yóò mọ ọjọ́ rẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú ọdún gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò ìsinmi, nígbà tí àwọn ọmọ fọ́nká, tí olùkọ́ kò sì sí níwájú wọn, nítorí pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló ń fi hàn bóyá wọ́n mọ ọ̀nà fúnra wọn. Nínú òmíràn, olùkọ́ kan yóò dúró lórí àtẹ̀gùn ìlà-oòrùn pẹ̀lú pátákó tí a kọ «INÁ WÀ NÍBÍ» sí, kí a lè wo bí wọn yóò ti yí padà.

Afojúsùn wa ni pé kí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣófo láàárín ìṣẹ́jú 3, kí káàdì tó kẹ́yìn sì ti jáde láàárín ìṣẹ́jú 7. A kò ní dáná sun nǹkan kí ó lè jọ òótọ́, a kò sì ní purọ́ fún àwọn ọmọ pé ẹnì kan ti há sínú ilé. Nínú oṣù Ramadan, òwúrọ̀ ni a ó ṣe é, kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ má baà dúró pẹ́ nínú oòrùn. A ó ti sọ fún ilé-iṣẹ́ panápaná àti àwọn aládùúgbò ṣáájú. Ní ti àwọn òbí, iṣẹ́ kan yóò dé orí Wáàsáàpù wọn bí irin bá ti ń dún, nítorí pé ìròyìn òfegè máa ń ṣáájú òótọ́ dé ọjà.

Lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, igbákejì Ọ̀gá Àgbà yóò kọ àkókò, káàdì pupa tó jáde àti ìdí rẹ̀, àti ilẹ̀kùn tí kò ṣí wẹ́rẹ́, sínú ìwé ìdánrawò. Ohun tó bá yẹ ní àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti di títúnṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a fi lé lọ́wọ́. Kí oṣù Kọkànlá tó parí lọ́dọọdún, a ó gé koríko ẹ̀bá odi ọgbà ní ìbú mítà 5, a ó yẹ àwọn agolo apaná wò, a ó sì rí i dájú pé kò sí àgádágodo kankan lára ilẹ̀kùn ìjáde ní wákàtí ẹ̀kọ́.