Etí Òsì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ojú ìwé yín ti dé ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò yín bo igun kan, omi sì ti ba ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ díẹ̀, àmọ́ mo rí i kà. Mo da ìpínrọ̀ ìtàn tí ẹ ní kí n parí kọ bó ṣe wà, mo wá gbà á níbi tí kálàmù yín ti dúró. Mi ò mú bàbá àgbà àti ọmọ inú rẹ̀ kúrò ní Kétu, mi ò sì fún ọmọ náà lórúkọ, nítorí ẹ̀yin náà ò fún un.

Ọdún tí ojú bàbá àgbà fọ́ tán ni mo di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo máa fà á lọ́wọ́ jáde sí abẹ́ igi òdán, níbi tí a ti lè máa wo Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè ìlú, lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi ni mo ń wò ó o, ariwo ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni òun ń gbọ́. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, pé bàbá àgbà ló wò ó jù. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Ojú ti lọ, ọwọ́ ò lọ. Igi ọ̀mọ̀ ló ń gbẹ́, ìka ló fi ń wò ó. Lọ́dún náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì. Lóru ọjọ́ kan tó ti sùn, mo mú ọ̀bẹ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó na ọwọ́ sí èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìka rẹ̀ gun imú, ó sọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé etí òsì, ó dúró. Ó ní

"Ta ló wọ ibí?"

Mo ní èkúté ni.

Ó ní èkúté wo ló mọ ọ̀bẹ dì mú. Mo dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ń kọjá lọ, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ewúrẹ́ náà jẹ ní gbèsè.

Kí n má purọ́, mi ò gbèrò ibi. Ère náà dára tẹ́lẹ̀, etí òsì nìkan ló ki jù lójú mi. Òun fọwọ́ wò ó, èmi fojú wò ó, mo sì gbà pé ojú ju ọwọ́ lọ. Mo jókòó ti àtùpà, mo ń fá a díẹ̀díẹ̀, èérún igi ń bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ bí èèpo iṣu. Etí náà ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wù mí. Mo wá ní kí n fá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Igi dún páà. Kò ju ìró ẹ̀pà tí wọ́n pa lọ, àmọ́ gbogbo ara mi ló gbọ́ ọ. Ìlà kan ti là láti ìsàlẹ̀ etí, ibi tí yẹtí máa ń wà, ó gòkè dé àárín. Mo fẹ́ iná pa. Mo lọ sùn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí olè jà, nígbà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni olè.

Bàbá àgbà ò nà mí. Ì bá nà mí, ọ̀rọ̀ ì bá tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé ère lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò lọ, ó ń fi bọ̀ lórí ìlà yẹn, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mi ò bi í. Ó ní ọmọdé ni bàbá bàbá òun nígbà tí Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhánsìn ọba Dànhọ̀mẹ̀ ni wọ́n tó rí ọ̀nà wálé, ilé ti di igbó. Ó ní odó àti àpótí ìjókòó ni bàbá náà kọ́kọ́ ń gbẹ́, torí ohun tí ará ìlú nílò nìyẹn. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àkọ́kọ́ tó gbẹ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn.

"Wọ́n wá sun ún níná?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n jó o títí ó fi gbó."

Mo rò pé ó ti dárí jì mí. Kò tíì. Ó ní kí n gbé ère náà, kí n gbé e lọ fún Ìyálàṣẹ fúnra mi, kí n sì sọ fún wọn pé èkúté ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi rán mi. Àwọn ìyá ni a ń fi ijó náà bẹ̀, Ìyálàṣẹ sì ni àgbà wọn nínú ẹgbẹ́. Mo fi aṣọ wé ère, mo gbé e mọ́ àyà. Mi ò tíì rí i kí ọ̀nà àárín ilé wa sí ilé wọn gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sì gbàgbé pé ọkùnrin ni mí, pé ìdọ̀bálẹ̀ ló yẹ mí. Wọ́n ṣí aṣọ. Wọ́n wo iwájú ère, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n fi èékánná họ etí.

"Mo fá a jù ni," mo ní. Ọ̀rọ̀ èkúté ti sọnù lẹ́nu mi.

Wọ́n tú gèlè wọn. Mi ò rí etí Ìyálàṣẹ rí títí di ọjọ́ náà. Ti òsì ti ya láti ìsàlẹ̀, ó pín sí méjì bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Wọ́n ní yẹtí wúrà tí ọkọ wọn rà ló wúwo, àwọn ò sì fẹ́ bọ́ ọ, títí ọmọ tí àwọn pọ̀n fi nawọ́ fà á. Wọ́n tún gèlè wé.

"Sọ fún bàbá rẹ kó má dí i. Kó so yẹtí mọ́ ọn."

Ọdún yẹn náà ni rédíò ń wí pé Yúnẹ́skò ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé. 2001 ni. Bàbá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ó pa rédíò, ó ní kí n di igi mú dáadáa. Mi ò tún fọwọ́ kan ọ̀bẹ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ṣe Ẹ̀fẹ̀, eré òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ́jú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo mú bàbá àgbà jókòó síwájú, níbi tí eruku ti ń bà wá. Ìlù gbóná. Ṣaworo ẹsẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn èrò, mo sì rí orí náà: osùn lójú rẹ̀, alùpùpù kékeré ní àtàrí rẹ̀ bí oníṣẹ́ ṣe bẹ̀ ẹ́, yẹtí idẹ ní etí òsì nìkan.

"Ó ti jáde?"

"Ó ti jáde, bàbá."

"Etí òsì ńkọ́?"

"Yẹtí ń mì."

"Ìlà yẹn hàn?"

Mo wò ó. Oníjó yí po, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì. Ní apá ọ̀hún, láàárín àwọn obìnrin, Ìyálàṣẹ ti dìde, wọ́n ń nawọ́ sí ère, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó hàn," mo ní.

Bàbá àgbà na ọwọ́. Ó fi ìka wá orí mi, ó sọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé etí òsì mi, ó dì í mú. Ó fà á títí mo fi dìde lórí ẹní, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ṣaworo fi kọjá lọ́dọ̀ wa.