Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Èdè Yorùbá sí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kíláàsì Àṣekágbá ní Alẹ́ tó Ṣáájú Ìdánwò Nẹ́kò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú ìwé kíkà. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò fọwọ́ kan ẹ̀bà tí wọ́n gbé síwájú yín lónìí, mo sì rí ọmọ kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó ti tẹjú mọ́ ojú ewé kan náà láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ìwé dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ní ọdún 1994, nígbà tí a kò tíì dá Nẹ́kò sílẹ̀, tó jẹ́ pé Wáẹ̀kì ni à ń ṣe, èmi náà jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò Yorùbá, àyà mi sì ń já. Ìbéèrè ní kí n kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọ̀nà àdúgbò wa tó ti bàjẹ́. Kí n tó ka ìbéèrè náà parí, ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: mo kọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo sí apá ọ̀tún, mo kọ “Bàbá mi ọ̀wọ́n”, mo sì ń béèrè àlàáfíà àwọn àbúrò mi lọ ràì. Ojú ewé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí n tó tún ìbéèrè wò, ni gbogbo ara mi bá tutù. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lóru ọjọ́ náà, màá sọ fún un pé àdírẹ́sì méjì ni lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ń gbà, pé ó sì gbọ́dọ̀ ní àkọlé. Mo mọ̀ ọ́n; ìwàǹwára ni kò jẹ́ kí n rántí. Mo fi ìlà kan gba àárín ohun tí mo ti kọ, mo mí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mo sì yege.

Nítorí náà, lọ́la, ẹ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí bírò tó kan ìwé, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá mẹ́ta, ẹ dárúkọ mẹ́ta, kí ẹ kọjá. Ẹni tó bá lọ ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ro ọkà níbẹ̀, àkókò àròkọ rẹ̀ ló ń jẹ. Ní ti ìbéèrè tí a ti to ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ nínú ara yín. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: lẹ́tà kan náà ni ojú rí, àmọ́ etí yín ti mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ẹ tó mọ̀wé. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé etí yẹn.

Àmọ́ ṣá o, etí ilé kò tó fún ohun gbogbo. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ní “ṣ” kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, kí “iṣu” má di “isu” mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, “ulé” dùn púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n “ilé” ni ẹ máa kọ. Ẹ̀yin tí Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn jẹ́ èdè ìyá yín, tí ẹ sì rò pé ẹ̀yin ni ẹ máa gbẹ̀yìn, n ó sọ òótọ́ fún yín: ní kíláàsì mi, ẹ̀yin ni ẹ máa ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ dáadáa jù, nítorí pé ẹ kò gbójú lé pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sì ń fi yín ṣẹ̀sín pé ta ní ń ka ìwé fún Yorùbá, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn gan-an ló ṣì ń kọ “aiye” àti “nwọn” títí di òní.

Bí ìbéèrè kan bá ta yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ lọ síbi èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ tó padà sí i. Bí òǹkà bá dàrú mọ́ yín lójú, ẹ rántí pé márùn-ún ni a yọ nínú àádọ́ta kí ó tó di àrúndínláàádọ́ta, kí ẹ sì ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀.

Ó tó. Iná máa kú ní aago mẹ́sàn-án, n kò sì fẹ́ rí tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ aṣọ ìbora ẹnikẹ́ni. Ẹ fi bírò méjì àti ìwé ìdánimọ̀ yín sínú àpò kí ẹ tó sùn. Ẹ̀kọ àti àkàrà máa délẹ̀ ní aago méje, mo sì máa jókòó tì yín títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Ìwọ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, gbé ìwé yẹn wá fún mi. Ọwọ́ mi ni yóò sùn.