Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ẹnjiníà dátà, ìpele kejì

*Yàrá ìpàdé ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Yábàá, Èkó. Àwọn tó jókòó ni ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka dátà, ọ̀gá ìṣirò owó, àti olùwáṣẹ́. Olùwáṣẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀. A ti yọ ìkíni àti ọ̀rọ̀ owó oṣù kúrò.*

Ọ̀gá dátà: Mo ti ka ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, n kò ní bi yín léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Páìpùláìnì kan tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, tó sì ti kó yín sí wàhálà rí, òun ni mo fẹ́ gbọ́.

Olùwáṣẹ́: (*ó rẹ́rìn-ín*) Wọ́n pọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń pín oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù láti Ìbàdàn títí dé Òkè-Ògùn. Awakọ̀ á fi tábúlẹ́ẹ̀tì sàmì sí i pé ẹrù ti dé, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú Postgres. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kó o lọ síbi tí àwọn tó ń ṣe ìjábọ̀ á ti rí i, kí ìbéèrè wọn má baà dí dátábéèsì náà lọ́wọ́. Airflow, tó ń pe iṣẹ́ ní àkókò rẹ̀, ni mo lò. Tó bá ti di aago kan òru, á kó gbogbo ìlà tí `updated_at` rẹ̀ ti kọjá ibi tí a dúró sí lánàá.

Ọ̀gá dátà: Kí ló wá burú níbẹ̀?

Olùwáṣẹ́: Ìlà ń sọnù, mà. Kò pọ̀: mẹ́ta lónìí, mẹ́fà lọ́la. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Àṣé `now()` inú Postgres, tó ń kọ `updated_at`, kì í ṣe aago ìgbà tí tìráńsáṣàn parí, aago ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ní 12:58, kò sì parí títí di 1:03. Nígbà tí mo dé ní aago kan, n kò lè rí i, torí kò tíì fìdí múlẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, láti aago kan ni mo tún ti ń kà lọ, bẹ́ẹ̀ 12:58 ló wà lára òun. Mo ti ré e kọjá nìyẹn, n kò sì ní padà débẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá dátà: Báwo lẹ ṣe tún un ṣe?

Olùwáṣẹ́: Lójú ẹsẹ̀, mo ní kó máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú padà sẹ́yìn lálaalẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyẹn ní kí ìlà kan náà máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ibi tí a ń kó o sí gbọ́dọ̀ lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì láìbàjẹ́. Nígbà tó yá la gbé Debezium wá, tó ń ka WAL fúnra rẹ̀, ìyẹn ìwé tí Postgres ń kọ gbogbo ìyípadà sí. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí àwọn ìlà tí wọ́n pa rẹ́. `updated_at` kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlà kan ti kú.

Ọ̀gá dátà: "Gbà á lẹ́ẹ̀mejì láìbàjẹ́." Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó fún mi.

Olùwáṣẹ́: Ó dáa, mà.

```sql
MERGE INTO ifijise t
USING titun n ON t.delivery_id = n.delivery_id
WHEN MATCHED AND n.updated_at > t.updated_at THEN
  UPDATE SET status = n.status, cash = n.cash,
             updated_at = n.updated_at
WHEN NOT MATCHED THEN
  INSERT (delivery_id, status, cash, event_time, updated_at)
  VALUES (n.delivery_id, n.status, n.cash, n.event_time, n.updated_at);
```

Mo gbọ́dọ̀ ti ṣa `titun` fúnra rẹ̀ kí n tó dé ibí, kí `delivery_id` kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan péré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, MERGE á kọ̀, tàbí kí ohun kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Inú tábúlẹ́ẹ̀tì ló sì ti yẹ kí wọ́n dá `delivery_id` náà. Bó bá jẹ́ sáfà ló ń fún un ní nọ́ńbà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, tí awakọ̀ tún tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà méjì la máa ní fún ẹrù kan.

Ọ̀gá ìṣirò: Àbúrò, dúró níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ka owó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ wa fún mi ní iye owó tí awakọ̀ gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Mo pa ìwé dé. Lọ́jọ́ Ajé mo ṣí i padà, iye ọjọ́ Jímọ̀ ti yí. Ta ló yí i?

Olùwáṣẹ́: Kò sẹ́ni tó yí i, sà. Ó dá mi lójú pé awakọ̀ kan wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ó gba owó ní aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Jímọ̀ lohun náà ṣẹlẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni a gbọ́.

Ọ̀gá ìṣirò: Kí ni kí n wá ṣe? Kí n máa dúró dè é?

Olùwáṣẹ́: Rárá, sà. Aago méjì ni mo máa ń kọ sára ìlà kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó wọlé. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan ṣoṣo ti sọ òtítọ́ kan nù. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wọn bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó, n kì í méfò. Níbi tí mo wà, nínú 100, 97 ń dé láàárín wákàtí kan, méjì á dé kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan tó kù lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà la ṣe ń tún ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ṣírò lálaalẹ́, pátíṣàn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan látòkèdélẹ̀. A kọ "kò tíì parí" sára wọn kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀. Tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, a ti tì í. Èyí tó bá tún dé lẹ́yìn ìyẹn, a kì í wọ inú ọjọ́ Jímọ̀ lọ yí i. A máa ń kọ ọ́ bí àtúnṣe sínú ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an lára rẹ̀.

Ọ̀gá ìṣirò: Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń fi báírò kọ̀wé! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá dátà: (*ó ń rẹ́rìn-ín*) Ẹ ò bi wá, sà. Ẹ jẹ́ ká wo ìhà kejì. Ká ní sítíríìmù ni, tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń wọlé, kì í ṣe iṣẹ́ òru. Ẹ ń ka iye ẹrù tó dé láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìgbà wo lẹ máa mọ̀ pé wákàtí kan ti parí?

Olùwáṣẹ́: Ibẹ̀ ni wọ́tàmáàkì ti wúlò. Ó dà bí onímọ́tò ní gáréèjì tó ní èrò tí kò bá tíì dé ní aago báyìí, òun ń lọ. Nínú Spark, ẹ̀rọ tó ń ṣírò sítíríìmù, mo lè kọ:

```python
df.withWatermark("event_time", "2 hours") \
  .groupBy(window("event_time", "1 hour")).count()
```

Á mú `event_time` tó ga jù lọ tó ti rí, á yọ wákàtí méjì kúrò nínú rẹ̀. Wákàtí tó bá ti parí ṣáájú ibẹ̀, á tì í. Èyí tó wọlé láàárín wákàtí méjì yẹn, Spark ṣèlérí pé òun kò ní jù ú nù. Èyí tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jù ú nù, ó sì lè má jù ú, kò ṣe ìlérí kankan nípa rẹ̀.

Ọ̀gá dátà: Ṣé ó ti já yín kulẹ̀ rí?

Olùwáṣẹ́: Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, mà, mi ò ní purọ́. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì awakọ̀ kan kú. Nígbà tó tan, ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀ ti di ti ọdún tó ń bọ̀. Ìlà kan péré ló fi ránṣẹ́. "Tó ga jù lọ tó ti rí" di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo awakọ̀ yòókù wá di ẹni tó pẹ́. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, òǹkà ń sọ pé kò sí ẹrù kankan tó dé ṣọ́ọ̀bù. Kò sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ geere. Onílé ìtajà kan ló pè wá pé òun ti gba ẹrù.

Ọ̀gá dátà: Kí lẹ ṣe?

Olùwáṣẹ́: Ohun tó wọlé ní tútù, bó ṣe dé, a máa ń fi pamọ́ sí ìpamọ́ fáìlì, a kì í fọwọ́ kàn án. Òun ló gbà wá là: a tún ààrọ̀ yẹn ṣírò látibẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlà tí `event_time` rẹ̀ bá fi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síwájú aago sáfà, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń lọ kí ènìyàn wò ó. Kì í débi wọ́tàmáàkì.

Ọ̀gá dátà: Ẹ sọ nípa Flink, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí pátíṣàn kan nínú Kafka, níbi tí ìlà ń gbà wọlé sí i, bá dákẹ́ ńkọ́?

Olùwáṣẹ́: Òdìkejì lèyí. Níbẹ̀, èyí tó lọ́ra jù lọ ni ẹ̀rọ náà ń bá rìn. Pátíṣàn tó dákẹ́ á dá gbogbo wákàtí dúró, kò ní tì ọ̀kankan, àyàfi tí mo bá fi `withIdleness` sí i. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé n kò tíì fi Flink ṣiṣẹ́ tí ènìyàn gbára lé. Mo fi dánra wò nílé ni.

Ọ̀gá dátà: Mo gbọ́. Ó wá ku ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá wa lókè fẹ́ ká gbé gbogbo iṣẹ́ wa lọ sí sítíríìmù kí ọdún tó parí. Kí lẹ rí sí i?

Olùwáṣẹ́: Mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n: bí nọ́ńbà yìí bá dé láàárín ìṣẹ́jú kan dípò òwúrọ̀ ọ̀la, ta ni, kí ló máa ṣe? Ẹni tó ń darí awakọ̀ á rí ìdáhùn fún mi: bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní Ojota, ó máa rán òmíràn. Ìyẹn, ẹ gbé e lọ sí sítíríìmù. Owó tí ọ̀gá wa yìí ń kà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Bááṣì, iṣẹ́ tí a ń kó pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan bíi ti òru, ló yẹ ẹ́. Èyí tó wà láàárín, bí ìjábọ̀ fún àwọn alábòójútó ẹ̀ka, bááṣì kékeré ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ṣe é.

Ọ̀gá dátà: Wọ́n á ní sítíríìmù kan ló rọrùn ju ọ̀nà méjì lọ. Ohun tí Jay Kreps, ọ̀kan lára àwọn tó dá Kafka sílẹ̀, sọ ní 2014 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: bí ẹ bá fẹ́ tún nǹkan ṣírò, ẹ fi sítíríìmù kan náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùwáṣẹ́: Ó tọ̀nà níbì kan. Tí ẹ bá kọ òǹkà kan náà ní kóòdù méjì, bááṣì ọ̀kan, sítíríìmù ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn láàárín oṣù mélòó kan. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n kíká láti ìbẹ̀rẹ̀ tó dábàá, ó ní láti jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ náà ṣì wà. Ọjọ́ méje ni Kafka ń tọ́jú nǹkan bí ẹ kò bá yí i padà. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lọ́jọ́ kẹwàá ńkọ́? Wọ́n tún máa ń fi "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gééré" pọ́n Kafka. Lóòótọ́ ni, láàárín Kafka sí Kafka. Bí iṣẹ́ náà bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, tó sì kú kó tó kọ ibi tó dé sílẹ̀, oníbàárà á gba àtẹ̀jíṣẹ́ méjì. Ohun tó kù ni oorun. Bááṣì tó kú ní aago méjì òru lè dúró de aago mẹ́fà. Sítíríìmù kì í dúró.

Ọ̀gá ìṣirò: Èmi ti gbọ́ tèmi.

Ọ̀gá dátà: Ẹ ní ìbéèrè fún wa?

Olùwáṣẹ́: Ọ̀kan ṣoṣo, mà. Tó bá bàjẹ́ lóru, ta ni fóònù rẹ̀ ń dún?

Ọ̀gá dátà: Èmi. Láti oṣù kẹta.

Olùwáṣẹ́: Ẹ̀yin nìkan?

Ọ̀gá dátà: Èmi nìkan. Ọmọ mi kékeré ti mọ dídún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìpè lásán.