Ìwé Ìkìlọ̀ Láti Kó Kúrò Nílé

Ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2025

Sí ayálégbé yàrá méjì tó wà lókè, lápá ọ̀tún,

Oṣooṣù lẹ ń sanwó ilé, àmọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ẹ kò ti san kọ́bọ̀. Gbèsè oṣù mẹ́jọ ti wà lọ́rùn yín. Ẹ bẹ̀ mí fún àyè nígbà Kérésì, mo gbà. Látìgbà náà, ẹ kì í ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́.

Nítorí náà, mo fún yín ní ìwé oṣù kan: ẹ kó kúrò, kí ẹ sì dá ilé padà fún mi, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2025, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti gbogbo gbèsè náà. Bí ẹ kò bá kó, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló kàn, lẹ́yìn náà kóòtù.

Èmi, onílé yín